Ọmọ mi dá ìyá mi lóhùn pé "ẹ káàbọ̀" nígbà tí wọ́n ní "o ṣé"

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ìbàdàn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, gbé omi fún wọn. Wọ́n ní, "O ṣé, ọkọ mi." Ọmọ dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Ìyá mi bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnìkan ń wọlé bọ̀, wọ́n ní, "Níbo ni mo ti ń bọ̀?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bi mí pé kí wá ni kí òun máa sọ, mi ò rí èsì fún un. Kí ni Yorùbá fi ń dáhùn ọpẹ́ gan-an?

Awakọ̀ Òjòdú

Èyí ò le rárá. "Kò tọ́pẹ́." Ó parí. Ẹ kọ́ ọ ní ìyẹn, kó máa sọ ọ́ fún tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, mi ò tiẹ̀ rò pé àwọn bàbá wa ń dáhùn ọpẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ẹni tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kàn mi orí ni, á bá tirẹ̀ lọ.

Gbólóhùn Kan

Èmi ò rí àìdáa nínú "ẹ káàbọ̀" o. Ìyá yín rin ìrìn àjò láti Ìbàdàn, ọmọ ọmọ wọn kí wọn káàbọ̀, ẹ wá ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi, nígbà tí mo dé láti Dúbáì lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú àfi ẹni tó fẹ́ bá mi gbé ẹrù kó lè gbowó.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù

Gbólóhùn Kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá ti wà lọ́dọ̀ wa. Orí àga ni wọ́n wà, wọn ò lọ síbì kankan. Omi ni wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Gbólóhùn Kan

Hẹn, ó ti yé mi. Ẹ má bínú.

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ yẹn ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ tó bí ẹ ṣe rò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wẹ́kọ́ọ̀mù, tó ń ṣiṣẹ́ méjì: òun ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun náà ni wọ́n fi ń dá ẹni tó dúpẹ́ lóhùn. Ó ti wà lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀ láti ayé Ṣekisípíà. Ọ̀nà méjèèjì bára mu létí wọn, nítorí pé bí inú mi ṣe dùn pé o wá sílé mi, bẹ́ẹ̀ náà ni inú mi dùn pé o gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. "Ẹ káàbọ̀" ò ju "ẹ kú àbọ̀" lọ, bí a ṣe ń sọ "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ kú ìjókòó". Ìpadàbọ̀ wà nínú rẹ̀ ketekete. Ẹni tí kò jáde kò lè ní àbọ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá yín fi bojú wẹ̀yìn.

Awakọ̀ Òjòdú, mo bá yín lọ dé ìdajì ọ̀nà. Lóòótọ́ ni pé a ò ní gbólóhùn kan tó ń dáhùn gbogbo ọpẹ́. Ṣùgbọ́n pé àwọn bàbá wa kì í dáhùn, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dáhùn. Ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn ló ń yan ìdáhùn fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Bí a bá jẹun tán, a ó fọ ọwọ́ nínú abọ́ kan náà, láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Lẹ́yìn náà la ó dojú kọ bàbá mi, a ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọn ò ní sọ pé kò tọ́pẹ́ láéláé. Wọ́n á ní, "Á gba ibi ire o." Àwa ọmọdé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ra ẹ̀wù fún wa lọ́dún Kérésì tí a dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ ti ibi ire mọ́. "Wàá lò ó gbó" ni. Ẹ gbé ti oúnjẹ fún ẹni tó dúpẹ́ ẹ̀wù, ẹ ó rí i pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí i pé ó fẹ́ jẹ ẹ̀wù náà.

"Kò tọ́pẹ́" náà ní ibi tirẹ̀. Ibi nǹkan kékeré ni: mo bá yín gbé àpò, mo fi ọ̀nà hàn yín, mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ rí ibi jókòó sí.

Awakọ̀ Òjòdú

Bàbá, mo ti gbọ́ tiyín o. Àmọ́ ní ojú pópó níbí, kò sẹ́ni tó ráyè yan ìdáhùn bí ẹni ń yan ẹja.

Ọmọ Ṣómólú

Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá Olùkọ́. Ṣùgbọ́n èmi ní ìbéèrè tèmi. "Kò sí wàhálà" ńkọ́? Òun ni gbogbo ẹgbẹ́ mi ń sọ. O bá mi fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, mo ní o ṣé, o ní kò sí wàhálà. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kan bú mi lọ́jọ́ kan nítorí rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé mo tètè parí ìwé kan fún wọn, mo ní, "Kò sí wàhálà, mà." Wọ́n ní, "Ṣé mo wá bá ẹ fa wàhálà ni?" Mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe títí di òní.

Sàkété lónìí

Ẹ jẹ́ kí èmi ará Bẹ̀nẹ̀ dá sí i díẹ̀. Kùtọ̀nù ni mo ti ń tajà, Nàgó ni a ń sọ nílé, Faransé níléèwé, Fọ̀n lọ́jà. Mo fẹ́ sọ nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tiwa kì í ṣe àṣìṣe tí ọmọ Pẹ́kámù ṣe yìí. Bí ẹ bá sọ "mẹ̀sí" fún elédè Faransé, "dù ríẹ̀n" ló máa fi dá yín lóhùn, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Torí náà, bí màmá àgbà bá ní "o ṣé" fún ọmọ mi, ohun tó ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "kò sí nǹkan kan." Ìyá mi kì í bojú wẹ̀yìn o, ṣùgbọ́n wọ́n á ní, "Nǹkan wà níbẹ̀ jàre, omi lo gbé fún mi." Èdè iléèwé ọmọ ló ń pinnu irú àṣìṣe tí yóò ṣe.

Èkejì rèé, òun ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wà ní Mọ́ńtíríà, ní Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì, ní Kánádà. Ó ní àwọn elédè Faransé ibẹ̀, bí o bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní "byẹ̀n-vẹ̀nú." Káàbọ̀ nìyẹn! Gẹ̀ẹ́sì tó yí wọn ká ló gbé e wọ ẹnu wọn. Ará Páríìsì tó bá gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín bí ìyá yín ṣe rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ò dá wà.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù

Ha! Odindi àgbàlagbà, odindi ìlú. Mo máa kà á fún ọmọ yìí lálẹ́ òní kó mọ̀ pé òun ní ẹgbẹ́.

Bàbá Olùkọ́

Sàkété, ẹ kú làákàyè. Báwo ni Fọ̀n ṣe ń dúpẹ́ lọ́jà yín? Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè.

Sàkété lónìí

"A wà nú." Bí wọ́n bá fẹ́ kó wúwo, wọ́n á fi "káká" sí i lẹ́yìn.

Bàbá Olùkọ́

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. "A" ni ìwọ, "wà" ni ṣe, "nú" ni ohun. O ṣe ohun. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "o ṣeun" tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ẹ kọjá sí Ẹdó, "ù rù èsé" ni wọ́n ń sọ, o ṣe oore. Ẹ tún kọjá odò lọ bá Ígbò, "ì méélá", o ti ṣe é. Láti Kùtọ̀nù dé Ẹnúgu, ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ẹnìkejì ṣe ló ń kà sí i létí.

Ẹ wá wo ti àwọn Pọ́túgà àti ará Bùràsíìlì. Ọkùnrin wọn á ní "obirigádò", obìnrin á ní "obirigáda". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti dè mí, mo jẹ ọ́ ní gbèsè. Ara ẹni tó ń dúpẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òun gan-an ló ṣe ń yí padà bí ọkùnrin tàbí obìnrin bá ń sọ ọ́. Nígbà tó jẹ́ gbèsè, ìdáhùn tó yẹ ẹ́ ni kí olówó pa gbèsè náà rẹ́: "di náda", ti nǹkan kan kọ́. Dù ríẹ̀n ti Faransé ò jìnnà sí i.

Tiwa ò rọrùn láti pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. O ṣe nǹkan, gbogbo wa rí i. Ọ̀nà tó kù fún ọ kò ju mẹ́ta lọ. O lè sọ pé ohun tí o ṣe kéré, ìyẹn ni kò tọ́pẹ́. O lè gbé e fún ẹni tó ju ọ lọ, "Ọlọ́run ló ṣe é", "Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ". Tàbí kí o fi àdúrà sin ohun tí o fún un, kó lè ṣe é láǹfààní. Ti ibi ire àti ti lò ó gbó, ọ̀nà kẹta nìyẹn.

Ọmọ Ṣómólú, mo gbà pé ibi tí tìrẹ ti wọ́ nìyẹn. "Kò sí wàhálà" ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ, bíi pé wọ́n ti ń ṣọ́ ọ bóyá yóò ni ọ́ lára. Láàárín ẹgbẹ́, ó tutù. Sí ọ̀gá, ó dà bí ìgbà tí o ń dárí jì wọ́n.

Ọmọ Ṣómólú

Ó yé mi, sà, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ronú wàhálà nígbà tó bá ń sọ ọ́ mọ́. Bí "ẹ kú" ṣe wà níwájú gbogbo ìkíni ni, ta ló ń bi í pé ikú wo? Ẹ fún un ní ogún ọdún sí i.

Bàbá Olùkọ́

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní bá ọ jà lórí ogún ọdún.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tó dúpẹ́, tí a ò mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí kò dúpẹ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ. Èmi ni mo gbé ìdí ìkòkò kalẹ̀ láti àṣálẹ́ ọjọ́ keje, mo lọ ata, mo se ẹ̀wà, mo se ìrẹsì, èéfín fọ́ mi lójú. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ parí, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà." Mo ní kò tọ́pẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì mọ́, kò sí ìpè. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Ọjọ́ kẹrin la pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kí mi "ẹ káàárọ̀, mà" bíi pé a ò rí ara wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sọ "ẹ ṣé ọjọ́ sí", kò sọ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Inú mi ò tíì yọ́ sí i di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Awakọ̀ Òjòdú

Ṣùgbọ́n mà, ẹ̀yin náà ní ó dúpẹ́. Ó tiẹ̀ dì mọ́ yín. Kí ló kù?

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn, àlejò tó jẹ ìrẹsì kan ṣíbí náà dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ. Ọpẹ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni ti ọjọ́ kejì. Ẹ ò gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ ni? Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Oore àná ni wọ́n wí, wọn ò sọ pé oore ìsinsìnyí.

Ará Ọ̀sákà

Màmá Ìbejì, ẹ wá gbé ní Jàpáánù, ara ó tù yín.

Ọdún karùn-ún mi rèé níbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sanwó oúnjẹ ọ̀sán fún ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó dúpẹ́ nílé oúnjẹ, ó tún dúpẹ́ bí a ṣe ń jáde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí a tó tún pàdé, kó tó sọ ohun kankan, ó tẹrí ba, ó ní, "Sẹ́njítsù wa àrígàtó gosáímáṣítà." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ ṣé ọjọ́sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá láti Amẹ́ríkà kì í mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún, wọ́n á máa rò pé àwọn ti gbàgbé nǹkan. Èmi ò ṣe wàhálà kankan. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ọ̀ṣogbo ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí, Bàbá Olùkọ́. Ìdáhùn ọpẹ́ tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní "dó itaṣimáṣite". Nígbà tí olùkọ́ wa tú u palẹ̀, ó ní ìdí rẹ̀ ni "kí ni mo ṣe?" Mo rántí ìyá bàbá mi lójú ẹsẹ̀: "Kí ni mo tiẹ̀ ṣe tí ẹ ń dúpẹ́?" Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kiri bí ẹ bá débí o. Lẹ́nu iṣẹ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n á kàn ju ọwọ́, wọ́n á ní "iyẹ, iyẹ", rárá, rárá.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Ẹ bá mi kí àwọn ará Jàpáánù. Èèyàn gidi ni wọ́n.

Bàbá Olùkọ́

Màmá, ọ̀rọ̀ yín kún fún ẹ̀kọ́, ó sì dí ihò kan tí mo fi sílẹ̀. Ọpẹ́ ọjọ́ kejì ní ìdáhùn tirẹ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Ká sọ pé ó wá bá yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àná, mà, ẹ kú wàhálà wa." Ṣé ẹ ó tún sọ pé kò tọ́pẹ́?

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Rárá o. Màá ní, "Ọlọ́run á wo ọmọ náà, á jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ ṣe."

Bàbá Olùkọ́

Ẹ rí i bí? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín lẹ̀ ń sọ, ẹ sì sọ ọ́ di kékeré. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ̀ ń sọ. Iṣẹ́ ti jáde kúrò níbẹ̀. Ohun tí ìyàwó àbúrò ọkọ yín fi dù yín ju ọpẹ́ lọ. Ó fi àyè tí ẹ ó ti gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ dù yín.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ẹ ṣé o, Bàbá.

Awakọ̀ Òjòdú

Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n bá ara mi wí. Láti ìgbà tí Bàbá Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ara mi lórí iṣẹ́. Bí èrò bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ní Bẹ́ágà tó ní "ẹ ṣé, dírébà", mo gbọ́ tí mo ní, "Ẹ rọra o, ẹ wo ọ̀kadà." Lálẹ́ àná, obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn ní "ẹ ṣé", mo ní, "Á dàárọ̀ o." Mo ra gúgúrú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọmọ tó tà á fún mi ní "ẹ ṣé, sà", mo ní, "Ọjà á tà." Mi ò sọ "kò tọ́pẹ́" rárá láti àárọ̀ dé alẹ́. Èmi tí mo ní kí ọmọ Pẹ́kámù máa sọ ọ́ fún tọmọdé tàgbà!

Gbólóhùn Kan

Ẹnu yín mọ̀ ọ́n ju ẹ̀yin fúnra yín lọ.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù

Inú mi ń dùn sí gbogbo èyí, àmọ́ ẹ rántí pé ọmọ ọdún 8 ni mo fẹ́ kọ́. Kò lè há ti oúnjẹ, ti ẹ̀wù, ti ọjà àti ti òru sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ló gbé fún ìyá ìyá rẹ̀. Kí ló máa sọ?

Bàbá Olùkọ́

Ẹ sọ ohun tí ìyá yín wí fún mi pátá, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ṣé "o ṣé, ọkọ mi" nìkan ni?

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "O ṣé, ọkọ mi. Wàá dàgbà. Ọmọ tìrẹ náà á gbé omi fún ẹ." Àárín ọ̀rọ̀ ni "ẹ káàbọ̀" ti bọ́ lu wọ́n, wọn ò tíì parí.

Bàbá Olùkọ́

Nígbà náà, iṣẹ́ ọmọ yín fúyẹ́. Àgbà Yorùbá kì í sábà fi "o ṣé" lásán sílẹ̀ fún ọmọdé. Àdúrà ló ń tẹ̀ lé e, ìgbà mìíràn oríkì. Kí ọmọ náà dúró. Kó má sá padà sí ìdí tẹlifísọ̀n lẹ́yìn "o ṣé". Kó jẹ́ kí wọ́n parí, kó wá ní, "Àmín, Màmá." Bó bá jẹ́ oríkì ni wọ́n ń kì, kò ní í sọ ohunkóhun, á wà lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ títí wọ́n fi kì í tán. Bó bá gba ẹnu wọn mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú "kò tọ́pẹ́", àdúrà náà ló ń dá padà fún wọn yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹ̀lẹ̀ ló fẹ́ fi hàn.

Ẹ má sì jẹ́ kó máa retí ọpẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rán an níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ kan fi kámẹ́rà ya fídíò àwọn tó ń sọ èdè mẹ́jọ káàkiri ayé níbi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Ara àwọn èdè náà ni Síwù, tí wọ́n ń sọ ní Gánà lẹ́bàá Tógò. Bí ará ilé bá ní kí ẹnìkan bá òun mú nǹkan wá tó sì mú un wá, nínú ogún ìgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n á dúpẹ́. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì ló ń dúpẹ́ jù, tiwọn náà ò sì ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú méje. Yorùbá ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo mọ̀ mu. Nínú ilé, iṣẹ́ tí a rán ọmọ, ojúṣe rẹ̀ ni. Ìgbà tí àgbà bá fẹ́ súre ló ń dúpẹ́.

Ọmọ Ṣómólú

Ha, Bàbá, ní ti ìyẹn, ilé ibòmíràn ni tiyín. Ìyá mi máa ń ní "o ṣé" fún wa bí a bá pa iná tẹlifísọ̀n lásán.

Bàbá Olùkọ́

Ilé kò rí bákan náà. Ẹ bá mi kí wọn.

Sàkété lónìí

Èmi náà ò gbà á délẹ̀délẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé gan-an kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Yin ni, yin ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn.

Àdùkẹ́ Pẹ́kámù *(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o. Mo padà wá ròyìn, kí Màmá Ìbejì má bàa bínú sí èmi náà.

Mo kọ́ ọ bí Bàbá Olùkọ́ ṣe wí. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó gbé bàtà Màmá wá láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀: "O ṣé, Àjàní, wàá rìn sí ire, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ." Ọmọ dúró gbagidi, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní "Àmín, Màmá." Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, olùkọ́ rẹ̀ pè mí. Òyìnbó ni obìnrin náà. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi pé ó bá òun kó àwọn ìwé jọ, ó sì fi "àmín" dá òun lóhùn níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ń bèèrè pé ṣé nǹkan wà nílé ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo fẹ́ bi yín. Lálẹ́ àná, èmi ni mo se ẹ̀bà. Màmá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, o ṣé, ọwọ́ rẹ ò ní rọ." Kí n tó la ẹnu, ọmọ yìí ti ní, "Á gba ibi ire o, Màmá!" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "àmín". Ṣé ọmọdé lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà?

Bàbá Olùkọ́

Bàbá mi ò bá ti gbá a létí. Ẹni tó fúnni lóúnjẹ ló ń sọ ọ́, òun kọ́ ló sì se ẹ̀bà.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́

Ìyá náà kò ti ṣe àmín ni? Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre.

Bàbá Olùkọ́

Màmá, wọ́n ṣe àmín nítorí pé a kì í kọ àdúrà. Ìyẹn ò sọ pé ó yẹ.

Awakọ̀ Òjòdú

Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èrò kan ní Òjòdú á gbọ́ "á gba ibi ire" lónìí.